Bí fóònù mẹ́ta ṣe ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lórí ìgbì kan: ìṣirò CDMA pẹ̀lú ṣíìpù mẹ́rin

Ẹ mú bébà àti bírò. Ìṣirò tí a fẹ́ ṣe kò ju ìròpọ̀ àti ìsọdipúpọ̀ lọ, nọ́ńbà mẹ́rin-mẹ́rin ló sì wà níbẹ̀. Fóònù mẹ́ta fẹ́ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, lórí fíríkúẹ́nsì kan náà, láìpín àkókò, láìpín ìgbì, olùgbà yóò sì yọ ọ̀rọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan jáde láìdà á pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Ọgbọ́n yẹn ni wọ́n ń pè ní CDMA. Bí a bá ti rí i tó ṣiṣẹ́ tán, a ó mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́, torí pé ibi tó ti ń bàjẹ́ gan-an ni iṣẹ́ àwọn tó ń kọ́ irú ètò yìí wà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ sọ bíìtì di ṣíìpù

Ẹ jẹ́ kí a pe àwọn fóònù náà ní A, B àti D. Bíìtì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fẹ́ rán: A fẹ́ rán 1, B fẹ́ rán 0, D fẹ́ rán 1. A ó kọ 1 ní +1, a ó sì kọ 0 ní −1. Ìdí tí a fi ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé ìgbì rédíò lè jáde bó ṣe wà, a sì tún lè dà á kodò kí òkè rẹ̀ di ìsàlẹ̀. Ipò méjèèjì yìí ni +1 àti −1 dúró fún.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fún fóònù kọ̀ọ̀kan ní kóòdù tirẹ̀:

```
A: +1 +1 -1 -1
B: +1 -1 +1 -1
D: +1 -1 -1 +1
```

Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan nínú kóòdù ni ṣíìpù. Ṣíìpù fúnra rẹ̀ kò gbé ọ̀rọ̀ kankan, torí olùgbà ti mọ kóòdù náà tẹ́lẹ̀. Bíìtì ló gbé ọ̀rọ̀. Bí bíìtì bá jẹ́ 1, fóònù á rán kóòdù rẹ̀ bó ṣe wà. Bó bá jẹ́ 0, á yí àmì gbogbo ṣíìpù rẹ̀ padà kó tó rán an. Kò sí ohun mìíràn nínú ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní DSSS ju pé kí a fi kóòdù tó ń yára sọ bíìtì tó ń falẹ̀ di púpọ̀.

Àmọ́ ìṣe kékeré yẹn yí nǹkan kan padà. Àkókò tí bíìtì kan ì bá fi kọjá náà ni ṣíìpù mẹ́rin fi ń kọjá. Ìgbì tó bá ń yára yí padà máa ń gba ààyè tó fẹ̀ láàárín àwọn fíríkúẹ́nsì, nítorí náà ọ̀rọ̀ A ti fẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin. Agbára tí fóònù fi ránṣẹ́ kò lé, kò dín. Ó kàn tẹ́ sórí ààyè tó fẹ̀ ni, débi pé ìwọ̀n tó wà lójú kan di ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Mẹ́rin kéré o. Nínú ètò fóònù tí wọ́n ń pè ní IS-95, tó jáde ní 1993, ṣíìpù 1,228,800 ló ń jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kan fún ohùn tí bíìtì rẹ̀ kò ju 9,600 lọ, ìyẹn ṣíìpù 128 fún bíìtì kan. Ti GPS tilẹ̀ ju ìyẹn lọ fíìfíì: ṣíìpù 1,023,000 fún bíìtì 50 péré, èyí tó jẹ́ 20,460 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àmì sátẹ́láìtì náà fi lè rẹlẹ̀ ju ariwo tó wà nínú olùgbà lọ, tí a sì tún ń rí i yọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yẹ kóòdù yín wò kí ẹ tó lò ó

Kì í ṣe kóòdù tó bá ṣáà ti wá síni lọ́kàn ló lè ṣe é. Ẹ mú méjì nínú wọn, ẹ sọ wọ́n di púpọ̀ ní ṣíìpù sí ṣíìpù, kí ẹ wá ro èsì pọ̀. Pẹ̀lú A àti B, a ó rí +1, −1, −1, +1, àròpọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ òdo. A àti D fún wa ní +1, −1, +1, −1, òdo náà ni. B àti D ń kọ́? +1, +1, −1, −1, òdo. Bí a bá wá sọ kóòdù kan di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, gbogbo ṣíìpù á di +1, àròpọ̀ á sì jẹ́ 4.

Orí òdo àti mẹ́rin yìí ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé. Ẹ lè fọwọ́ ṣe irú kóòdù bẹ́ẹ̀ fúnra yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú +1 kan ṣoṣo. Nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ kó gùn ní ìlọ́po méjì, ẹ kọ kóòdù kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra, kí ẹ tún kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú àmì apá kejì tí ẹ ti yí padà. Kóòdù kan á di méjì, méjì á di mẹ́rin, títí dé 64 tí IS-95 ń lò. Kóòdù Wọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń pè é, orúkọ onímọ̀ ìṣirò tó kọ̀wé lórí irú àtòjọ yìí ní 1923. Iye kóòdù tí ẹ máa rí kò sì lè ju iye ṣíìpù inú wọn lọ láéláé: ṣíìpù mẹ́rin, kóòdù mẹ́rin. A ti lo mẹ́ta. Ìkẹrin ni +1 +1 +1 +1, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ dà wọ́n pọ̀ sínú afẹ́fẹ́

A rán 1, nítorí náà kóòdù rẹ̀ jáde bó ṣe wà. B rán 0, kóòdù tirẹ̀ jáde ní kíkodò. D rán 1.

```
A rán:    +1 +1 -1 -1
B rán:    -1 +1 -1 +1
D rán:    +1 -1 -1 +1
Afẹ́fẹ́:   +1 +1 -3 +1
```

Ìlà ìsàlẹ̀ nìkan ni áńténà olùgbà ń rí. Kò sí àmì A nínú rẹ̀ tí ojú lè rí, kò sí ti B, kò sí ti D.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ yọ ẹnì kọ̀ọ̀kan jáde

Olùgbà tó ń fetí sí A á mú ìlà afẹ́fẹ́, á fi kóòdù A sọ ọ́ di púpọ̀ ní ṣíìpù sí ṣíìpù, á wá ro èsì pọ̀: 1, 1, 3, −1. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 4. Ó ju òdo lọ, nítorí náà A rán 1. Ìyẹn tọ́.

Fún B, ìsọdipúpọ̀ mú 1, −1, −3, −1 wá, àròpọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ −4, ìyẹn 0. Fún D, 1, −1, 3, 1, àròpọ̀ 4, ìyẹn 1. Ẹ wá dán kóòdù ìkẹrin wò, èyí tí ẹnikẹ́ni kò lò: 1, 1, −3, 1. Òdo ni. Olùgbà mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà tí a fi kóòdù A lu ìlà náà, apá tó jẹ́ ti A kóra jọ di 4, àwọn tó kù sì pa ara wọn rẹ́ sí òdo. Ẹni tó bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá òun ṣe é, èyí ti tó:

```python
A = [1, 1, -1, -1]
B = [1, -1, 1, -1]
D = [1, -1, -1, 1]

afefe = [a - b + d for a, b, d in zip(A, B, D)]
print(afefe)

for koodu in (A, B, D):
    print(sum(x * k for x, k in zip(afefe, koodu)))
```

Ó máa tẹ `[1, 1, -3, 1]` jáde, lẹ́yìn náà `4`, `-4` àti `4`. Ẹ má pa fáìlì náà dé, a ṣì máa tún un lò.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ fi ariwo kún un

Oríṣi ariwo méjì ló yẹ kí ẹ dán wò, torí ìwà wọn kò dọ́gba.

Àkọ́kọ́ ni rédíò mìíràn tó jókòó pa sójú fíríkúẹ́nsì kan ṣoṣo láàárín ààyè wa. Bó bá bọ́ sí àárín gbùngbùn, yóò jọ nọ́ńbà kan tí kò yí padà lórí gbogbo ṣíìpù. Ẹ fi 5 kún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìlà afẹ́fẹ́ á di 6, 6, 2, 6. Ariwo náà ju ohùn fóònù kọ̀ọ̀kan lọ ní ìlọ́po márùn-ún, síbẹ̀ ẹ ṣírò A: 6 + 6 − 2 − 6, mẹ́rin náà ni. B ṣì jẹ́ −4, D ṣì jẹ́ 4. Kóòdù tó kó ọ̀rọ̀ A jọ ló fọ́n ariwo yẹn ká: ààbọ̀ rẹ̀ bọ́ sí +, ààbọ̀ bọ́ sí −, wọ́n sì gbé ara wọn ṣubú. Àmọ́ kóòdù ìkẹrin tí mo fi sílẹ̀ yóò ka 20. Gbogbo ṣíìpù rẹ̀ jẹ́ +1, kò fẹ ìgbì kankan, kò sì lè fọ́n ariwo kankan. IS-95 ń lo irú kóòdù yẹn ní tirẹ̀, kì í ṣe fún ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni, àmì atọ́nà tí fóònù fi ń dá òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ̀ ló wà fún, kóòdù mìíràn tó gùn sì tún máa ń bò ó lórí kó tó jáde.

Ìkejì ni ariwo tó já lu ṣíìpù kan ṣoṣo. Ẹ fi 3 kún ṣíìpù kẹta: 1, 1, 0, 1. A di 1, B di −1, D di 1. Èsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì tọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo bí ààlà tó wà láàárín àwọn àti òdo ṣe dín kù láti 4 sí 1. Bó bá jẹ́ 5 ni ẹ fi kún un, ìlà á di 1, 1, 2, 1, A á sì ka −1. Ó ti ṣìnà. Ẹ má torí ìyẹn bu ẹnu àtẹ́ lu ọgbọ́n náà. Pẹ̀lú ṣíìpù 128, 5 kan náà kò ní gbọn èsì láti 128 kọjá 123.

Níbí ni ẹ ti lè mọ irú àìsàn tó ń ṣe olùgbà yín. Bí ariwo kò bá sí, tí gbogbo nǹkan sì wà ní ìtò, 4, −4 tàbí 0 nìkan ni ẹ lè rí. Nọ́ńbà tó bá bọ́ sáàárín ń sọ pé nǹkan kan ti wọlé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ jẹ́ kí D pẹ́ díẹ̀

Títí di ìsinsìnyí, a ti gbà pé ṣíìpù àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ló ń ṣètò ìyẹn? Ní ìwọ̀n kíkíá IS-95, ṣíìpù kan kò gba tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá, ìgbì rédíò sì ń rin nǹkan bí mítà 244 láàárín àkókò yẹn. Fóònù tó bá fi mítà 244 jìnnà sí òpó ju ẹnì kejì lọ ti fi ṣíìpù kan pẹ́ dé.

Ẹ jẹ́ kí B dákẹ́. D ti rán 1, ó sì tún ń rán 1 mìíràn, ṣùgbọ́n ó fi ṣíìpù kan pẹ́. Nínú àkókò bíìtì kejì, ohun tí olùgbà máa kọ́kọ́ rí ni ṣíìpù ìgbẹ̀yìn bíìtì tó ṣáájú, ìyẹn +1, lẹ́yìn náà ni mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú kóòdù D á tẹ̀ lé e:

```
D tó pẹ́:  +1 +1 -1 -1
Kóòdù A:  +1 +1 -1 -1
```

Ẹ wò ó dáadáa. D ti di A. Bí A bá dákẹ́, olùgbà rẹ̀ yóò ka 4, yóò sì gbà pé A rán 1, nígbà tí A kò la ẹnu. Bó bá jẹ́ pé A ń rán 0 lásìkò náà, −1 −1 +1 +1 ló ń jáde látọ̀dọ̀ rẹ̀, yóò sì pàdé D nínú afẹ́fẹ́, àròpọ̀ wọn á di 0, 0, 0, 0. Ọ̀rọ̀ méjì ti wọnú afẹ́fẹ́, kò sì sí ohunkóhun níbẹ̀ fún olùgbà.

Bí bíìtì D tó ṣáájú bá jẹ́ 0, ìlà tó pẹ́ náà á jẹ́ −1 +1 −1 −1, kóòdù A á sì ka 2 nínú rẹ̀. Àmì tí ẹ fi máa mọ̀ nìyí: bí nọ́ńbà tí ẹ̀ ń rí lójú kóòdù A bá ń lọ sókè sódò ní ìbámu pẹ̀lú ohun tí ẹlòmíràn ń rán, ẹ má wá ariwo kiri. Ìtò àkókò ló bàjẹ́, D sì ń jò wọlé A.

Nítorí náà, láti òpó sí fóònù ni kóòdù Wọ́ọ̀ṣì ti dùn ún lò. Òpó kan náà ló ń rán ti gbogbo èèyàn, ó lè tò wọ́n ní ṣíìpù sí ṣíìpù kí wọ́n tó kúrò ní áńténà. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ìgbì tó kọlu ògiri tó sì padà wá lè bà á jẹ́ díẹ̀. Láti fóònù sí òpó, kálukú ń bọ̀ láti ibi tó wù ú, a sì nílò kóòdù irú mìíràn.

Ìgbésẹ̀ keje: kóòdù tó mọ ibi tó dúró

Olùgbà gbọ́dọ̀ mọ ibi tí kóòdù ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó máa ń ṣe ni pé á gbé kóòdù tirẹ̀ sórí ohun tó ń dé, á ṣírò, á sún un ní ṣíìpù kan, á tún ṣírò, títí tí nọ́ńbà ńlá á fi jáde. Ẹ dán an wò pẹ̀lú B. Bí B bá ń rán 1 léraléra, ẹ ó rí 4, −4, 4, −4. Ibo ló ti bẹ̀rẹ̀? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Bí a bá sún un ní ṣíìpù méjì, òun náà ló tún jẹ́.

Ẹ wá wo kóòdù oníṣíìpù méje yìí:

```
+1 +1 +1 -1 -1 +1 -1
```

Bí ẹ bá gbé e lé ara rẹ̀ láìsún un, 7 ni. Bí ẹ bá fi ṣíìpù kan, méjì, mẹ́ta, títí dé mẹ́fà sún un, tí èyí tó bá jáde lápá ọ̀tún sì padà wọlé lápá òsì, −1 ni ẹ ó máa rí ní gbogbo ìgbà. Ẹ fọwọ́ ṣe méjì nínú rẹ̀ kí ó lè dá yín lójú. Ojú kan ṣoṣo ló ga, ibi yòókù tẹ́ pẹrẹsẹ.

Irú kóòdù yìí ni ìpìlẹ̀ èyí tí GPS ń lò. Sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan ní kóòdù tirẹ̀ tí ṣíìpù rẹ̀ jẹ́ 1,023, ó sì ń tún un rán lẹ́ẹ̀kan ní ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lórí fíríkúẹ́nsì kan náà. Olùgbà inú fóònù á máa sún kóòdù kọ̀ọ̀kan títí nọ́ńbà ńlá á fi yọjú, ibi tó sì ti yọjú náà ló ń sọ fún un bí àmì náà ṣe pẹ́ tó lójú ọ̀nà. Ìsúnsíwá-súnsẹ́yìn kan náà tó fi ń wá ìtò ló tún fi ń wọn ọ̀nà.

Ohun kan ni a fi san gbèsè rẹ̀ o. Kóòdù Wọ́ọ̀ṣì méjì tó yàtọ̀ síra, tí ìtò wọn sì pé, ń fúnni ní òdo gan-an. Àwọn kóòdù yìí kì í fúnni ní òdo láàárín ara wọn, nọ́ńbà kékeré ni. Bí ṣíìpù bá jẹ́ 64 tí kóòdù méjì sì pàdé láìsí ìtò, ohun tó ń jò láti ọ̀kan sí èkejì máa ń wà ní nǹkan bí 8, ìyẹn nọ́ńbà tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ tó fi di 64. Ọ̀rọ̀ ẹni tí à ń gbọ́ jẹ́ 64, ìjò jẹ́ 8. Ó ṣì dára. Bí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i, ìjò wọn á máa gun ara wọn lórí díẹ̀díẹ̀, ohùn á máa bàjẹ́ fún gbogbo wọn pa pọ̀. Kò sí ẹnu ọ̀nà kan tó máa tì gbà lójijì pé ẹni tó kàn kò lè wọlé.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹni tó súnmọ́ òpó jù

Ẹ fi fóònù D sí ibi tó súnmọ́ òpó ju ti A lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá, kí méjèèjì sì máa ránṣẹ́ pẹ̀lú agbára kan náà. Ní gbangba tí nǹkan kan kò dí ojú ọ̀nà, gíga ìgbì D yóò dé òpó ní ìlọ́po mẹ́wàá ti A. Ìjò 8 náà wá di 80. Ọ̀rọ̀ A ṣì jẹ́ 64. Òpó kò gbọ́ A mọ́, àní bí kò tilẹ̀ sí ariwo kankan, tí kóòdù méjèèjì sì dára. Láàárín ilé àti igi, ìyàtọ̀ náà máa ń burú ju ìlọ́po mẹ́wàá lọ.

Kóòdù kò lè tún èyí ṣe. Agbára ni kí a tò. Òpó ń wọn bí fóònù kọ̀ọ̀kan ṣe ń dé, á sì máa sọ fún un pé kí ó gbé agbára sókè tàbí kí ó sọ ọ́ kalẹ̀. Nínú IS-95, ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ ọgọ́rùn-ún ni àṣẹ yìí ń lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nínú ètò ìran kẹta tó lo CDMA onígbì fífẹ̀, ó di 1,500. Ó ní láti yára bẹ́ẹ̀ nítorí pé èèyàn lè yà sẹ́yìn ilé lójijì, agbára tó ń dé òpó á já wálẹ̀ kí ó tó ṣẹ́jú. Bí ẹ bá fẹ́ rí i lórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ sọ `d` inú ìlà `afefe` di `10 * d`. Ẹ ó rí i pé A ṣì jẹ́ 4, torí pé ìtò ṣì pé. Ẹ wá sún ṣíìpù D ní ẹyọ kan, kóòdù A á ka 44, ogójì nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti D.

GPS kò ní òpó tó ń pàṣẹ fún sátẹ́láìtì pé kí ó rọra, kò sì fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀. Àwọn sátẹ́láìtì náà wà ní nǹkan bíi kìlómítà 20,200 lókè, ọ̀nà tó jìn tó bẹ́ẹ̀ débi pé kò sí èyí tó súnmọ́ wa ní ìlọ́po mẹ́wàá ju èkejì lọ, gbogbo wọn sì ń dé pẹ̀lú agbára tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹni tó bá gbé ohun tó ń rán irú àmì yẹn kalẹ̀ sórí ilẹ̀, nítòsí olùgbà, ni yóò mú ìṣòro D padà wá.